Ẹ Jẹ́ Kí Ìròyìn Wa Mọ Àná Yàtọ̀ Sí Ọ̀la

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní ìpàdé wọn ní Ṣakí

 

Ohun kékeré kan ni wọ́n ní kí n wá bá yín sọ lónìí. Ó jẹ mọ́ ímeèlì kúkúrú tí akọ̀wé máa ń kọ sí ẹgbẹ́ àpapọ̀ nígbà tí iṣẹ́ kan bá parí tí òmíràn sì kù láti ṣe. Irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ kì í ju ìlà mẹ́fà tàbí méje lọ. Síbẹ̀, nínú ìlà mẹ́fà yẹn, a lè kọ ohun tí a ti ṣe bí ẹni pé a ṣì ń ṣe é, kí a sì kọ ohun tí a kò tíì ṣe bí ẹni pé ó ti tán. Ẹni tí ó bá kà á yóò ṣe ìpinnu lórí ohun tí ó rí, yóò sì tú owó sílẹ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò náà. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ kan ní agbègbè yìí, a gbé ajílẹ̀ wálé, ó sì ku owó ọkọ̀ tí ó jẹ́ náírà 45,000. Ìpinnu ẹgbẹ́ ni pé a óò san án ní ọjọ́ tí a bá pín ajílẹ̀ náà. Mo tẹ ímeèlì lórí fóònù mi láìfi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀, mo sì kọ ọ́ báyìí:

```
A o san owo oko.
```

Ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni “A óò san owó ọkọ̀”, èyí ni pé a máa san án. Ẹni tí ó kà á níbi tí mo fi ránṣẹ́ sí kà á sí “A ò san owó ọkọ̀”, èyí ni pé a kò san án. Ó rò pé a kọ̀ láti san án ni. Kí ojú má baà ti ẹgbẹ́, ó san owó náà fún onímọ́tò, ó sì kọ ọ́ sí wa lọ́rùn. Nígbà tí ọjọ́ pípín dé, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ wá, àwa náà sì kà owó fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a san owó ìrìn-àjò kan ṣoṣo. Oṣù méjì kọjá kí owó kan tó padà wá, ojú mi kò sì gbóná mọ́ nínú ìpàdé ní gbogbo ìgbà náà. Ẹni tí ó kà á kò ṣẹ̀. Èmi tí mo kọ ọ́ ni mo ṣẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ ìṣe inú ímeèlì bí akápò ti ń wo owó. Mo fẹ́ mú ímeèlì kan wá síwájú yín, kí a jọ tún un ṣe ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kó àṣìṣe tí mo ti rí jọ sínú rẹ̀, ẹ má ṣe wá ẹni tí ó ni ín. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà, ni akọ̀wé kọ ọ́:

```
E kaaro sa.
A ko apo ajile 60 lati ile ipamo ni ojo Aje.
A n ka a, apo 3 ti ya.
A ti maa ko o sinu iwe.
A o san owo oko.
Ni Ojobo a pin in fun awon omo egbe.
E se o.
```

Kí a tó fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ kí a rántí bí Yorùbá ṣe ń sọ ìgbà. Ọ̀rọ̀ ìṣe wa kì í pa ara dà. “Kó” ni a ń pè é lánàá, “kó” náà ni a óò pè é lọ́la. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ó máa ń ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ìgbà fún wa.

Bí kò bá sí ohunkóhun níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, àwọn olùkọ́ ní ilé ìwé máa ń pe àsìkò náà ní afànámónìí, nítorí pé ó fa àná mọ́ òní. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ ṣe, ohun tí ó ti kọjá ni ó ń sọ. “A kó ajílẹ̀” túmọ̀ sí pé a ti ṣe é kọjá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ti ipò tí a wà, ìsinsìnyí ni ó ń sọ. “A ní àpò 60” túmọ̀ sí pé ó wà lọ́wọ́ wa nísinsìnyí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí “A kó àpò 60, a ní ibi tí a kó o sí”, ẹ má ṣe tún un ṣe. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

“Ti” ń sọ pé ohun náà ti parí, àti pé àbájáde rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ tí a lè rí i. “Ń” ń sọ pé ohun náà ń lọ lọ́wọ́. “Óò”, “yóò” àti “máa” ń sọ pé ó ṣì wà níwájú. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí tó fún ìròyìn iṣẹ́ wa.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìròyìn tí ó dára kò gbọ́dọ̀ yí ìgbà padà rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìròyìn tí ó sọ iṣẹ́ tí ó parí àti èyí tí ó kù gbọ́dọ̀ yí ìgbà padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ó yí, ibi tí iṣẹ́ tí a ṣe parí tí èyí tí ó kù bẹ̀rẹ̀ sì ni kí ó ti yí. Ọjọ́ tí ẹ kọ ímeèlì ni ẹnu ibodè. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ibodè, ẹ kọ ọ́ bí ohun tí ó ti kọjá. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bí ohun tí ń bọ̀. Bí ẹ bá ti ré ibodè kọjá, ẹ má ṣe padà mọ́.

Ẹ wo ímeèlì tí mo kà yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ibodè pẹ̀lú “A kó”. Ó wá sí ẹnu ibodè pẹ̀lú “A ń kà á”. Ó ní “ti máa”, èyí tí ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó sì gbé ìkejì síwájú. Ó ní “A o”, tí a kò mọ ibi tí ó dúró. Nígbà tí ó dé orí ohun tí ń bọ̀ gan-an, ó padà sẹ́yìn pẹ̀lú “a pín in”. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ìlà àkọ́kọ́ dára. “A kó àpò ajílẹ̀ 60 láti ilé ìpamọ́ ní ọjọ́ Ajé.” Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò sí nǹkan níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe, a sì dárúkọ ọjọ́. Kìkì pé “ọjọ́ Ajé” nìkan kò tó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dá ímeèlì dúró, ọ̀gá sì lè rin ìrìn-àjò, kí ó tó kà á ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ kọ “ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà”. Nítorí ìdí kan náà, ẹ yẹra fún “lánàá”, “lónìí” àti “lọ́la”. Ọ̀la ẹni tí ó kọ ọ́ lè jẹ́ ìjẹta ẹni tí ó kà á.

Ìlà kejì ní “A ń kà á”. Báyìí ni a ṣe máa ń sọ̀tàn lẹ́nu. A ó ní, “A kó o dé, ni a bá ń kà á, ni a bá rí i pé ó ti ya.” Létí ẹni tí ó jókòó tì wá, kò sí wàhálà, nítorí pé ó ń rí ojú wa, ó sì ń gbọ́ ohùn wa. Nínú ímeèlì, “ń” máa ń yá ìgbà lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá kọ “Nígbà tí mo dé, wọ́n ń kà á”, ìgbà tí mo dé ni wọ́n ń kà á. Bí mo bá kọ “A ń kà á” lásán, ẹni tí ó bá kà á lè gbà pé a kò tíì kà á tán títí di ìsinsìnyí. Yóò máa dúró de iye tí ó pé. Bí kíkà bá ti tán, ẹ kọ “A kà á, ó sì pé 60.”

Nínú ìlà yìí kan náà, ẹ wo “àpò 3 ti ya”. Ọ̀rọ̀ “ti” kékeré yìí lè pinnu ẹni tí yóò ru gbèsè. “Àpò 3 ti ya” ń sọ pé nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn ni a bá wọn ní yíya. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a lè ní kí ilé ìpamọ́ pààrọ̀ wọn. “Àpò 3 ya nígbà tí a ń já ẹrù” ń sọ pé lọ́wọ́ wa ni wọ́n ti ya, àdánù náà sì di ti ẹgbẹ́. Ẹni tí ó bá ń tún ìwé ṣe kò gbọ́dọ̀ yan èyí tí ó wù ú nínú méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé a béèrè, akọ̀wé sì dáhùn pé nígbà tí wọ́n ń já ẹrù sílẹ̀ ni ó ya. Bẹ́ẹ̀ ni a óò ṣe kọ ọ́.

Ìlà kẹta ní “A ti máa kọ ọ́ sínú ìwé”. “Ti” ń fà á sẹ́yìn, “máa” ń fà á síwájú. Ṣé a ti kọ ọ́ ni, àbí a máa kọ ọ́? Ibi kan wà tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti tọ́, níbi tí “máa” bá ṣáájú “ti”, tí a sì dárúkọ ohun mìíràn tí yóò ṣẹlẹ̀. “Kí ẹ tó dé, a máa ti kọ ọ́ sínú ìwé.” Ṣùgbọ́n bí kò bá sí “kí ẹ tó”, ẹ yan ọ̀kan. Ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ó lè ṣí i wò. Bí ó bá rí i níbẹ̀, kí ó kọ “A ti kọ ọ́ sínú ìwé”. Bí kò bá rí i, kí ó kọ́kọ́ lọ kọ ọ́ kí ó tó fi ímeèlì ránṣẹ́.

Ìlà kẹrin ni kòtò tí mo jìn sí. “A o” láìní àmì lè jẹ́ “a óò”, ó sì lè jẹ́ “a ò”. Ọ̀kan jẹ́ ìlérí, èkejì jẹ́ àìṣe. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àjàyí Crowther, tí wọ́n bí ní Òṣogùn ní agbègbè Òkè-Ògùn wa níbí, tẹ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1852, ó sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kí a lè mọ èyí tí ó ń sọ. Bí fóònù yín bá ní àmì, ẹ lò ó. Bí kò bá ní in, ẹ sá fún ọ̀rọ̀ tí ó ní ojú méjì. Dípò “a o san”, ẹ kọ “a maa san” tàbí “awa yoo san”. Kò sí ẹni tí yóò ka ìwọ̀nyí sí àìṣe. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ẹ kò ṣe é, ẹ kọ “a kò” ní kíkún, ẹ má ṣe gé e kúrú sí “a ò”. Bákan náà ni “a pín in” àti “á pín in” jọ ara wọn bí a bá yọ àmì. Ọ̀kan ni pé àwa ti pín in, èkejì ni pé ẹnì kan yóò pín in. Èmi kò tilẹ̀ fẹ́ sọ nípa ẹni tí yóò ka “owo oko” sí owó oko tàbí owó ọkọ ìyàwó.

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé ibi àìṣe, ẹ mọ̀ pé mẹ́ta ni wọ́n, wọn kò sì dọ́gba. “A kò san án” ń sọ pé a kò ṣe é, kò sì sọ bóyá a máa ṣe é. “A kò ní san án” ń ti ilẹ̀kùn pa. “A kò tíì san án” ń sọ pé a kò ṣe é títí di ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Nínú ìròyìn tí iṣẹ́ ṣì kù, “kò tíì” ni akọ̀wé nílò jùlọ. Ká ní mo kọ “A kò tíì san owó ọkọ̀, a máa san án ní Ọjọ́bọ̀” ní ọjọ́ yẹn, owó wa kì bá tí jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Ìlà karùn-ún ní “Ní Ọjọ́bọ̀ a pín in”. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni akọ̀wé kọ ọ́, Ọjọ́bọ̀ sì ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á ní ọjọ́ Ẹtì yóò rò pé wọ́n ti pín in tán. Ẹni tí ó bá kà á ní Ìṣẹ́gun náà lè rò pé Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá ni, kí ó wá máa béèrè bí a ṣe pín ohun tí a kò tíì kó wálé. Ẹ má ṣe kọ “à ń pín in ní Ọjọ́bọ̀” pẹ̀lú. Lẹ́nu, a máa ń sọ pé “à ń lọ sí Ìsẹ́yìn lọ́la”, ó sì yé ara wa. Nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí “ń” dúró fún ohun tí ń lọ lọ́wọ́ nìkan. Ẹ kọ “a máa pín in ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà”.

Nísinsìnyí, ẹ wo bí ímeèlì náà ṣe rí nígbà tí a tún un ṣe tán:

```
Ẹ káàárọ̀, sà.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, a kó àpò ajílẹ̀ 60
láti ilé ìpamọ́. A kà á, ó sì pé. Àpò 3 ya nígbà
tí a ń já ẹrù. A ti kọ ọ́ sínú ìwé. A kò tíì san
owó ọkọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, a máa san owó ọkọ̀,
a ó sì pín ajílẹ̀ náà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ ṣé o.
```

Kò gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé a pín in sí ọ̀nà méjì. Àlàfo tí ó wà láàárín wọn ni ibodè tí mo sọ. “Ń” kan ṣì wà nínú apá àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n “nígbà tí” so ó mọ́ ọjọ́ Ajé, kò lè rìn gbéregbère mọ́. Owó ọkọ̀ hàn ní apá méjèèjì. Ní apá àkọ́kọ́ a sọ ipò tí ó wà, ní apá kejì a sọ ọjọ́ tí a máa san án.

Ọ̀nà tí ẹ lè fi yẹ ímeèlì yín wò kò ṣòro. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìṣe nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ṣáájú rẹ̀: kó, kà, pé, ya, ń já, ti kọ, kò tíì san, máa san, ó pín. Ẹ fa ìlà sí ibi tí ohun tí ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo ni ẹ fà, ó dára. Bí ìlà bá di méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀rọ̀ kan ti ṣáko lọ. Ẹ gbé e padà sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, tàbí kí ẹ béèrè òtítọ́ rẹ̀ bí kò bá dá yín lójú. Bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ méjì ni ẹ ń ròyìn, bí ajílẹ̀ àti owó yíyá, ìlà méjì yóò wà lóòótọ́. Èyí kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n ẹ kọ ímeèlì méjì, kí ọ̀kan má baà da èkejì rú.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù fún ẹ̀yin tí ẹ ní láti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìṣe fúnra rẹ̀ ni í pa ara dà, ibẹ̀ sì ni Yorùbá inú wa ti máa ń tàn wá jẹ. Àwa lè sọ pé “A ti san án lọ́jọ́ Ajé”, kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tí a ń gbà sọ “ti” kò bá ọjọ́ tí ó ti kọjá tí a dárúkọ rìn. Bí ẹ bá ti dárúkọ ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, ọ̀rọ̀ ìṣe ti àná lásán ni kí ẹ lò. Bí ẹ kò bá dárúkọ ọjọ́, nígbà náà ni ẹ lè lo èyí tí ó dà bí “ti”. Ẹ sì kíyè sí “yóò”. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ méjì tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi dípò ara wọn. Ọ̀kan ń sọ pé a máa ṣe é. Èkejì ń sọ pé à bá ṣe é bí nǹkan mìíràn bá rí bẹ́ẹ̀. Fún ohun tí ẹ ti pinnu, tí ẹ sì ti dá ọjọ́ fún, èkíní ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá lo èkejì, ẹni tí ó kà á yóò máa retí “ṣùgbọ́n” tí yóò tẹ̀ lé e.

Akọ̀wé, ó di ọwọ́ yín. Àwọn bébà tí mo mú wá wà lórí tábìlì, ímeèlì mìíràn tí kò tọ́ sì wà lára wọn. Kí olúkúlùkù mú ọ̀kan, kí ó fa ìlà tirẹ̀, kí a wá jọ wò ó kí a tó lọ jẹun.